Fọ́tò mẹ́nù nìkan ló kù lọ́wọ́ mi: báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ di Lárúbáwá kí orúkọ, àlàyé àti iye owó má dàpọ̀?

Àdúnní_Déírà

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ilé oúnjẹ kékeré kan ni mo ní ní Déírà, ní Dùbáì. Ẹni tó bá wa tẹ mẹ́nù ti padà sílé, fáìlì rẹ̀ sì bá a lọ. Fọ́tò ojú ìwé méjèèjì tí mo yà ló kù. Àwọn ará Súdàánì àti Íjíbítì tó ń wọlé jẹun ń pọ̀ sí i, mo sì fẹ́ kí wọ́n lè kà á. Mo fi fóònù túmọ̀ fọ́tò náà: Lárúbáwá gorí orúkọ oúnjẹ, iye owó já sáàárín àlàyé. Mo wá jókòó tún un tẹ̀ fúnra mi. Lọ́jọ́ tí mo gbé e jáde, oníbàárà kan san 25 fún abọ́ àmàlà ńlá tó jẹ́ 40, ó sì na ìka sí i pé ohun tí mo kọ nìyẹn. Òótọ́ sì ni, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Túndé_Kọ̀ǹpútà

Àǹtí, kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Word, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ọ̀rọ̀ sápá ọ̀tún, ẹ kọ orúkọ oúnjẹ, ẹ fi àmì tó-tò-tó fa ìlà dé òdìkejì, ẹ wá kọ iye owó síbẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe ìwé ìpè fún àwọn ilé kéwú ní Ìwó nìyẹn, kò sẹ́ni tó ráhùn rí. Ti kékeré àti ti ńlá, ẹ kọ wọ́n pa pọ̀ báyìí, 25 - 40, kó má bàa gbààyè.

Alífà_Ṣáríjà

Àǹtí Àdúnní, ẹ kú ìnáwó àmàlà yẹn o. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe jẹun níhìn-ín, mẹ́nù sì pọ̀ nínú ohun tó ń kọjá lọ́wọ́ mi. Túndé àbúrò mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n igi tí o ní kí wọ́n fà sáàárín 25 àti 40 yẹn gan-an ló jẹ owó àǹtí.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Lárúbáwá ń lọ láti ọ̀tún sósì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú rẹ̀ ń lọ láti òsì sọ́tùn-ún, nítorí náà 25 ò lè di 52. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ bí nọ́ńbà méjì bá wà lórí ìlà kan náà. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, ẹ wá tẹ 25, ẹ fa igi, ẹ tẹ 40, kọ̀ǹpútà máa to nọ́ńbà méjèèjì bí ó ṣe ń to ọ̀rọ̀ méjì: èyí tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ bọ́ sápá ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e bọ́ sápá òsì. Ojú yín máa rí 40 lósì, 25 lọ́tùn-ún. Ìyẹn ò burú fún ẹni tó ń kà á látọ̀tún.

Èyí tó burú ni àkọlé tó wà lókè rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé bí ẹ ṣe rí «kékeré» àti «ńlá» nínú fọ́tò, kékeré lósì, ńlá lọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fi Lárúbáwá wọn síbẹ̀. Nọ́ńbà yí padà, àkọlé ò yí padà. 25 wá jókòó sábẹ́ ńlá. Oníbàárà yín ò rẹ́ yín jẹ.

Ohun kejì tí Túndé gbé fò ni pé títi ọ̀rọ̀ sápá ọ̀tún yàtọ̀ sí bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀tún. Bọ́tìnnì méjì ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ẹ tẹ̀, ẹ kọ gbólóhùn Lárúbáwá kan, ẹ fi àmì ìdánudúró parí rẹ̀. Bí àmì náà bá sá lọ sápá ọ̀tún, níbi tí gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn ti ọ̀rọ̀ ni. Kọ̀ǹpútà ṣì ń ka ìlà yẹn bí ẹni ń ka Yorùbá.

Àdúnní_Déírà

Subuhánàlláhì! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí: كبير tó jẹ́ «ńlá» wà lọ́tùn-ún, 25 nísàlẹ̀ rẹ̀. Àmì ìdánudúró náà sì wà níwájú gbogbo àlàyé, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Alífà, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Pẹ́kàmù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé lẹ́tà Lárúbáwá lẹ fẹ́ fi kọ Yorùbá, bí àwọn alífà àtijọ́ ṣe máa ń kọ ọ́? Bàbá bàbá mi mọ̀ ọ́n kọ, ó ní ìwé gbèsè tó fi kọ gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá àgbàlagbà kan ní Ìlọrin.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ dáhùn nìyí: ẹ má ṣe gbàgbé ẹ̀pà. Níbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, oríṣi mẹ́rìnlá ni òfin ní kí a sọ fún oníbàárà pé ó wà nínú oúnjẹ, ẹ̀pà sì wà lára wọn. Mo kọ «súyà» lásán sórí mẹ́nù mi nígbà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹ̀pà ń bá jà bèrè rẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí ọmọ iṣẹ́ mi bi í léèrè kó tó fi sẹ́nu. Látìgbà náà, ẹ̀pà ò gbọdọ̀ ṣàìsí nínú àlàyé súyà mi, ní èdè yòówù tí ì báà jẹ́.

Alífà_Ṣáríjà

Màámi, kì í ṣe Yorùbá ní lẹ́tà Lárúbáwá ni àǹtí ń bèrè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín dé ibi tó yẹ. Orúkọ oúnjẹ gan-an la máa kọ báyẹn. Àlàyé nìkan la máa túmọ̀. Iye owó, a ò ní fọwọ́ kàn án.

Àǹtí, ẹ má tíì kọ Lárúbáwá kankan. Ẹ tún fọ́tò yẹn yà lákọ̀ọ́kọ́ bí ìwé náà bá ṣì wà lára ògiri. Ẹ yà á lójú ọ̀sán, ẹ dúró gbọọrọ níwájú rẹ̀, ẹ má tan iná fóònù, torí ike tí wọ́n fi bò ó máa dán, ibi tó bá dán ni nọ́ńbà ti máa ń nù. Mo ti rí 40 tó di 10 bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ya odindi ojú ìwé, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ya ìpín kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ti odindi máa sọ ibi tí nǹkan wà fún yín, ti ìtòsí lẹ máa fi ka nọ́ńbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan lórí fọ́tò, 1, 2, 3, kó tó di pé ẹ dà á kọ. Ìdí ni pé mẹ́nù sábà máa ń ní òpó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fóònù tó bá kà á máa ń kà á kọjá láti òpó kan bọ́ sí èkejì, á sì fún àmàlà ní iye owó ohun mímu tó wà lódìkejì. Ẹni tó bá fi ojú dà á kọ náà lè ṣi ìlà bó bá rẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà ló máa so wọ́n mọ́ra.

Ẹ wá ya àtẹ lórí kọ̀ǹpútà, òpó márùn-ún: nọ́ńbà oúnjẹ, orúkọ, àlàyé, iye kékeré, iye ńlá. Ohun kan ṣoṣo ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú fọ́tò, ní èdè tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ ro iye kékeré gbogbo pọ̀ látinú fọ́tò, ẹ ro ti ńlá lọ́tọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àtẹ náà. Ẹ má ṣe ro méjèèjì pọ̀ o. Bí kékeré àti ńlá bá gba ipò ara wọn, àròpọ̀ odindi ò ní yí padà, ẹ ò sì ní mọ̀.

Sàlíù_Jídà

Alífà, a kí yín láti Jídà. Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò kàn ní túmọ̀ orúkọ náà? Ewédú ni molokíyà, ewé kan náà ni. Ẹ kọ ملوخية, ará Íjíbítì á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ilá ni بامية. Kí la fẹ́ fi إيويدو ṣe, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n?

Alífà_Ṣáríjà

Sàlíù, ewé kan náà ni lóòótọ́. Ọbẹ̀ kan náà kọ́. Ará Íjíbítì tó bá rí ملوخية ní ipò orúkọ ti gbọ́ òórùn aáyù àti kọriándà díndín nínú ọkàn rẹ̀, ó sì ti ń retí ìrẹsì. Tí ẹ bá gbé ewédú lórí àmàlà dúdú síwájú rẹ̀, á ní kì í ṣe ohun tí òun bèrè nìyẹn. Ó sì jàre. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá jẹ́ أمالا, tí àlàyé sì sọ pé ewé molokíyà wà nínú rẹ̀, ó ti mọ ohun tó jọ ọ́, ó sì ti mọ̀ pé nǹkan mìíràn ni. Orúkọ ni ohun tó máa pè fún ọmọ iṣẹ́ yín. Àlàyé ni ohun tó máa fi pinnu bóyá kó jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ ara wọn ṣe, oníbàárà pe molokíyà, ọmọ iṣẹ́ ò mọ èwo nínú ọbẹ̀ mẹ́fà ló ń bèrè.

Súyà ló jẹ́ kí n gbà pé bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní سويا, ọ̀pọ̀ máa kà á sí ẹ̀wà sóyà, torí àwọn kan ń kọ ẹ̀wà yẹn bẹ́ẹ̀ dípò صويا. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó dára láti kọ orúkọ súyà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àlàyé rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹran: شرائح لحم بقر مشوية بتوابل الفول السوداني. Ẹran màlúù sísun, ó sì ti dárúkọ ẹ̀pà, bí Màámi ṣe wí.

Ẹ ṣọ́ra fún iṣu àti ẹ̀wà. Mo ti rí mẹ́nù tí wọ́n fi ẹ̀rọ túmọ̀, tí iyán di ọ̀dùnkún gígún, tí gbẹ̀gìrì di ọbẹ̀ فول. Fúùlù tí ará Íjíbítì mọ̀ kì í ṣe ẹ̀wà tiwa. Ẹ̀wà tiwa ni لوبيا. Iṣu ni يام, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Sàlíù_Jídà

Ti súyà yẹn, mo gbà. Ti ewédú, ẹ jẹ́ kí n ṣì máa rò ó.

Ẹ̀gúsí wá ńkọ́? Ẹ máa fi غ kọ «g», ará ibí á sì kà á bí ẹni tó ń yọ ọ́ láti ọ̀fun. Èmi máa ń fi ق kọ ọ́, torí báyẹn làwọn ará Hìjáàsì ṣe ń pe ق lẹ́nu. Àwọn ará Íjíbítì ń fi ج.

Alífà_Ṣáríjà

Bí ẹ bá fi ج, ará Íjíbítì nìkan ló máa kà á dáadáa, ará Súdàánì á pè é ní ẹ̀júsí. Bí ẹ bá fi ق, ará Íjíbítì máa pa á jẹ. Ẹ wo orúkọ Èkó nínú ìwé ìròyìn Lárúbáwá: àwọn kan ń kọ لاغوس, àwọn kan ń kọ لاجوس. Wọn ò tíì fẹnu kò. Èmi ń lo غ, إيغوسي, torí mo mọ̀ pé kò ní dà nǹkan mìíràn pátápátá lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń fi orúkọ Yorùbá sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà tiwa, pẹ̀lú àmì ohùn. Oníbàárà lè na ìka sí i, ọmọ iṣẹ́ á rí ohun tó mọ̀. Ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kó ní o. Bí ẹ bá to Ẹ̀gúsí àti إيغوسي sórí ìlà kan náà tí ẹ tún fi nọ́ńbà tẹ̀ lé e, nọ́ńbà náà lè sá tẹ̀ lé lẹ́tà Yorùbá, ẹ ò ní mọ ibi tó máa balẹ̀ sí.

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Ẹ forí jì mí, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un láti ibi ìtẹ̀wé, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ dáadáa ti máa ń bàjẹ́. Wọ́n máa ń gbé Lárúbáwá wá bá mi láti ilé kéwú, ó dára lórí kọ̀ǹpútà wọn, nígbà tí mo bá gbé e sínú ètò tí mo fi ń to iṣẹ́, lẹ́tà á já kúrò lára ara wọn, á sì yí sẹ́yìn. حلال á di ل ا ل ح. Ẹni tí kò mọ Lárúbáwá kà ò ní mọ̀, lójú rẹ̀ ó ṣì jọ Lárúbáwá. Ohun tí mo fi ń dá a mọ̀ ni pé lẹ́tà Lárúbáwá máa ń di ara wọn mú. Bí gbogbo lẹ́tà bá dá dúró bí ẹni tó tò síbi ọkọ̀, ó ti bàjẹ́. Àǹtí, ẹ bi atẹ̀wé yín ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹ mọ̀ dáadáa kó tẹ̀ ẹ́ hàn yín kí ẹ tó san owó. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ fún un ní PDF, kó má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rárá.

Àti iye owó: ẹ bẹ̀ yín, ẹ má lo àmì tó-tò-tó tó ń fa ìlà. Òǹkà 0 ti Lárúbáwá, ٠, kò ju tó kan lọ. ٤٠ tó bá sún mọ́ tó-tò-tó, ẹ ò ní mọ̀ bóyá mẹ́rin ni tàbí ogójì.

Túndé_Kọ̀ǹpútà

Mo ti rí ibi tí mo ti ṣìnà. Ìwé ìpè ò ní iye owó méjì lórí ìlà kan, ìdí nìyẹn tí kò fi hàn mí rí. Alífà, ẹ má bínú.

Nínú Word, lọ sí `Table Properties`, ẹ yan `Right-to-left`, òpó àkọ́kọ́ á sì bọ́ sápá ọ̀tún fúnra rẹ̀, àkọlé àti nọ́ńbà á jọ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí oníbàárà máa fi fóònù ṣí, ìlà súyà máa rí báyìí:

```html
<table dir="rtl" lang="ar">
<tr>
  <td>سويا<br><bdi lang="yo">Súyà</bdi></td>
  <td>شرائح لحم بقر مشوية بتوابل الفول السوداني</td>
  <td>20</td>
  <td>30</td>
</tr>
</table>
```

`dir="rtl"` ló yí gbogbo àtẹ padà lẹ́ẹ̀kan. `bdi` ló ń dá Súyà dúró kó má fa ohun tó wà nítòsí rẹ̀ tì.

Alífà_Ṣáríjà

Ó péye, Túndé. Ohun kan ṣoṣo: ẹ má kọ درهم tó jẹ́ orúkọ owó Dùbáì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Gírámà Lárúbáwá máa ń yí ọ̀rọ̀ yẹn padà lẹ́yìn nọ́ńbà: 10 gba دراهم, 25 gba درهمًا. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sókè òpó, ẹ fi nọ́ńbà nìkan sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Àdúnní_Déírà

Mo ti padà dé o. Mo fi oúnjẹ mẹ́rin gbìyànjú. Nínú fọ́tò: àmàlà 25 àti 40, iyán pẹ̀lú ẹ̀gúsí 30 àti 45, jọ́lọ́ọ̀fù 25 àti 35, súyà 20 àti 30. Kékeré jẹ́ 100, ńlá jẹ́ 150. Mo ro mẹ́nù tí mo fi pàdánù owó náà: kékeré 115, ńlá 135. Odindi rẹ̀ ṣì jẹ́ 250! Bí mo bá ti ro ó pọ̀ ni, ǹ bá ti ní ó pé. Àmàlà nìkan ni mo kọ ní ìlà kan pẹ̀lú igi láàárín, àwọn mẹ́ta yòókù wà ní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àtẹ tuntun ti bá fọ́tò mu, 100 àti 150. Àmàlà di أمالا, Àmàlà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni عجينة من دقيق اليام المجفف مع شوربة اللوبيا وأوراق الملوخية. Òkèlè ìyẹ̀fun iṣu gbígbẹ ni mo ní lọ́kàn, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ewé molokíyà. Alífà, ṣé ó dáa? Àti òǹkà, ṣé 25 ni kí n kọ tàbí ٢٥?

Alífà_Ṣáríjà

Ó dáa gan-an, mi ò ní yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Kọ 25. Ọmọ iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ kà á, ìwé owó tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Ẹni tí kò mọ ٢٥ á rí ٥ bí òdo.

Sàlíù_Jídà

Níbí, àgbàlagbà tó ń wọlé á fẹ́ ٢٥. Oníbàárà ló ń ra oúnjẹ, ọmọ iṣẹ́ lè kọ́ òǹkà mẹ́wàá láàárín ọjọ́ méjì.

Ìyá_Ìbejì_Pẹ́kàmù

Ẹ kọ méjèèjì ná?

Alífà_Ṣáríjà

Màámi, nọ́ńbà mẹ́rin fún oúnjẹ kan, a ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àǹtí, Déírà lẹ wà, kì í ṣe Jídà. Ẹ wo mẹ́nù àwọn ará Lẹ́bánónì tó wà ní àdúgbò yín, èyí tí wọ́n bá ń lò ni kí ẹ lò.

Àdúnní_Déírà

Mo ti jáde lọ wò. Ilé oúnjẹ mẹ́ta ni mo wọ̀, méjì ń lo 25, ọ̀kan ń lo ٢٥. Mo máa lo 25 fún báyìí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo máa tẹ̀ lọ́la, mi ò sì tíì ní fi ike bò ó. Bàbá ará Súdàánì kan wà tó ń wá lọ́sàn-án, kò jẹ oúnjẹ wa rí ju ìrẹsì lọ. Mo fẹ́ kó fi mẹ́nù náà pàṣẹ àmàlà kékeré kan àti súyà ńlá kan lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi, láìjẹ́ pé mo wà níbẹ̀, kí n wá wo ohun tó máa dé orí tábìlì rẹ̀ àti iye tí wọ́n máa gbà.